Ooru Ara Ọmọ Kọ́ Ni Ọ̀tá: Ọ̀rọ̀ Lórí Ibà, Omi Tútù àti Gìrì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òwe yìí ni ó sọ sí mi lọ́kàn ní òru ọjọ́ kan nínú àsìkò òjò tó kọjá, nígbà tí ariwo láti ilé kejì jí wa lójú oorun. Ọmọ ọlọ́dún méjì kan ni ibà mú. Ìyá rẹ̀ àgbà ti fi aṣọ mẹ́ta bò ó mọ́lẹ̀, ó ní òtútù ni ó ń mú ọmọ náà, nítorí pé ó ń gbọ̀n, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tutù. Ìyá tí ó bí i ti pọn omi tútù sínú ọpọ́n, ó ń du láti ká aṣọ kúrò lára ọmọ kí ó lè wẹ̀ ẹ́, ó ní ara rẹ̀ ń jó bí iná. Àwọn méjèèjì ni wọ́n fẹ́ràn ọmọ yìí, kò sì sí ẹni tí ó ń gbèrò ibi sí i. Síbẹ̀, ohun tí ọ̀kan ń dì ni èkejì ń tú. Níbi tí wọ́n ti ń bá ara wọn fà á ni gìrì ti gbé ọmọ.

Èmi yóò padà sí ọ̀rọ̀ gìrì náà. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kọ́kọ́ bi ẹ̀yin òǹkàwé wa ni èyí: nínú ìyá àgbà àti ìyá ọmọ, ta ni ó tọ̀nà? Ìdáhùn tèmi ni pé ohun tí wọ́n rí, òótọ́ ni àwọn méjèèjì rí. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ṣe, kò sí èyí tí ó tọ̀nà nínú méjèèjì. Ìdí rẹ̀ ni pé a ti sọ ooru ara di ọ̀tá ní ilẹ̀ wa, a sì ń lé e kiri bí ìgbà tí ènìyàn ń lé èéfín tí kò sì bojú wo ibi tí iná gbé ń jó.

Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ohun tí èdè wa gan-an ń sọ. Bí ibà bá mú Yorùbá, ohun méjì ni ó máa ń sọ lẹ́ẹ̀kan náà: "Òtútù ń mú mi, ara mi sì ń gbóná." Akẹ́kọ̀ọ́ kan rẹ́rìn-ín nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ nígbà kan, ó ní gbólóhùn méjèèjì ta ko ara wọn, pé báwo ni òtútù ṣe lè mú ẹni tí ara rẹ̀ ń gbóná? Mo sọ fún un pé kò sí àtakò kankan níbẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ṣàpèjúwe ibà lọ́nà tí onímọ̀ ìṣègùn òde òní kò lè ṣe é ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibì kékeré kan wà ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ ènìyàn tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa ṣọ́ ìwọ̀n ooru ara. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní baálé tí ó ń pín igi ìdáná. Ní ọjọ́ tí ara bá le, ìwọ̀n tí baálé yìí fi lélẹ̀ kò jìnnà sí dígírì 37. Bí oòrùn bá mú kí ara kọjá ìwọ̀n yẹn, baálé yóò ní kí òógùn jáde, kí ẹ̀jẹ̀ sì wá sí ìta awọ kí ooru lè kúrò. Bí ọyẹ́ bá mú kí ara rẹlẹ̀, yóò ní kí ẹ̀jẹ̀ sá kúrò ní awọ, kí ẹran ara sì máa gbọ̀n, nítorí pé gbígbọ̀n yẹn ni igi ìdáná tí ara ń kó sínú iná.

Nígbà tí kòkòrò àìsàn bá wọ ara, ìbáà jẹ́ fáírọ́ọ̀sì, ìbáà jẹ́ bakitéríà, ìbáà jẹ́ kòkòrò màláríà tí ẹ̀fọn gbé wá, àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ a máa dojú kọ ọ́. Bí wọ́n ti ń jà ni wọ́n ń rán ìránṣẹ́ jáde sínú ẹ̀jẹ̀. Ìránṣẹ́ wọ̀nyí ni wọ́n ń mú kí èròjà kan tí a ń pè ní purositagilándíìnì pọ̀ sí i lẹ́bàá baálé inú ọpọlọ, èròjà yìí ni ó sì ń mú kí baálé yí ìwọ̀n rẹ̀ padà. Ó lè sún un láti 37 sí 39. Kókó ọ̀rọ̀ wà níbí yìí. Ní ìṣẹ́jú tí àṣẹ yẹn jáde, ara ṣì wà ní 37, ṣùgbọ́n 39 ni baálé ń béèrè. Lójú baálé, ara ti tutù jù. Nítorí náà ni aláìsàn ṣe ń gbọ̀n, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù, tí ó sì ń wá aṣọ bora, bẹ́ẹ̀ ooru ń gòkè ní inú rẹ̀. Nígbà tí ara bá dé 39, òtútù yóò dáwọ́ dúró. Bí ogun bá sì rọlẹ̀, baálé yóò dá ìwọ̀n padà sí 37; ara tí ó ṣì wà ní 39 yóò wá gbóná jù lójú rẹ̀, òógùn yóò sì bo aláìsàn. Ìdí nìyẹn tí inú wa fi máa ń dùn bí a bá rí òógùn lára ẹni tí ibà mú, tí a sì ń sọ pé ara rẹ̀ ti ń balẹ̀.

Ẹ ti rí i báyìí pé òótọ́ ni ìyá àgbà rí nígbà tí ó ní òtútù ń mú ọmọ, òótọ́ ni ìyá ọmọ náà sì rí nígbà tí ó ní ara rẹ̀ ń jó. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí omi tútù ń ṣe. Baálé ń béèrè 39, ìyá sì ń da omi tútù lé ọmọ lórí. Ṣé baálé yóò gbà? Rárá o. Yóò fi kún igi ni. Ọmọ yóò túbọ̀ máa gbọ̀n, ẹ̀jẹ̀ yóò túbọ̀ sá kúrò ní awọ rẹ̀, agbára tí ó yẹ kí ó fi bá àìsàn jà ni yóò sì fi bá omi jà. Bí awọ rẹ̀ tilẹ̀ tutù fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ooru inú yóò padà wá, nítorí pé àṣẹ kò tíì yí. Ní ọ̀nà kejì, aṣọ mẹ́ta kò jẹ́ kí ooru rí ọ̀nà jáde nígbà tí ara bá ti dé ìwọ̀n tí baálé fẹ́. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó, kí fèrèsé sì wà ní ṣíṣí.

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ni ara ń wá nínú gbogbo wàhálà yìí. Ooru kì í ṣe ohun ọ̀fẹ́. Fún dígírì kọ̀ọ̀kan tí ara bá fi gòkè, oúnjẹ àti afẹ́fẹ́ tí ó ń ná a máa fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá pọ̀ sí i. Ẹni tí kò ní ìdí kò ní ná irú owó bẹ́ẹ̀. Aláǹgbá ni ó kọ́ àwọn onímọ̀ ní ìdí náà.

Gbogbo wa ni a mọ̀ pé aláǹgbá kò lè dá ooru ara rẹ̀ dá. Bí ó bá fẹ́ móoru, àfi kí ó lọ yá oòrùn lórí ògiri. Ní ọdún 1975, Matthew Kluger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde lórí irú aláǹgbá kan tí ń gbé inú aṣálẹ̀. Wọ́n fi bakitéríà sí wọn lára, wọ́n sì pín wọn sí oríṣiríṣi àyè tí ooru wọn yàtọ̀ síra, láti dígírì 34 títí dé 42. Àwọn tí a fi sí ibi tí ó tutù ni wọ́n kú jù; àwọn tí a gbà láàyè láti gbóná ni wọ́n yè jù. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n fún irú aláǹgbá wọ̀nyí ní oògùn kan tí ó jẹ́ ìbátan ásípíríìnì. Àwọn tí oògùn náà kò jẹ́ kí wọ́n gbóná ṣòfò. Àwọn tí ara wọn ṣì gbóná láìka oògùn sí ni wọ́n là á já. Láti ìgbà náà ni ó ti hàn gbangba pé ibà kì í ṣe àṣìṣe ara. Ooru yẹn a máa ṣòro fún ọ̀pọ̀ kòkòrò àìsàn láti bí sí i, àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ sì máa ń yára sí iṣẹ́ wọn nínú rẹ̀.

Ẹ má sọ pé aláǹgbá kọ́ ni ènìyàn. Ní ìlú Lambaréné ní ilẹ̀ Gàbọ́ọ̀nù, àwọn oníṣègùn tẹ ìwádìí kan jáde ní 1997 lórí àwọn ọmọdé 50 tí màláríà mú. Kùíníìnì ni a fi tọ́jú gbogbo wọn. A fún àwọn kan ní parasitámọ́ọ̀lù pẹ̀lú rẹ̀. A kò fún àwọn ìyókù, ìtutù lásán ni a fi ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Kòkòrò màláríà pẹ́ ju ti àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ kí ó tó tán nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ó lo parasitámọ́ọ̀lù: wákàtí 75 sí wákàtí 59. Gbogbo wọn ni ó rí ìwòsàn, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ yẹn ń sọ fún wa pé bí a ti ń lé ooru, a lè máa gba ohun ìjà lọ́wọ́ ara pẹ̀lú.

Mo fẹ́ kí a ṣọ́ra níbí yìí, nítorí pé igi gogoro má gùn mí lójú, àtòkèrè la ti ń wò ó. Èmi kò sọ pé kí a ju parasitámọ́ọ̀lù nù. Ní ọdún 2015, a tẹ ìwádìí mìíràn jáde láti Ọsirélíà àti Niu Sílándì lórí àwọn àgbàlagbà 700 tí àìsàn wọn le débi pé inú yàrá ìtọ́jú àwọn tí ẹ̀mí wọn wà nínú ewu ni wọ́n wà. A fún àwọn kan ní parasitámọ́ọ̀lù nítorí ibà, a kò sì fún àwọn mìíràn. Oògùn náà kò gbà wọ́n là ju àwọn tí kò lò ó lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sì pa wọ́n lára. Ohun tí èyí kọ́ wa ni pé fún ènìyàn tí oúnjẹ àti ìtọ́jú gidi ń tó lọ́wọ́, rírẹ ooru sílẹ̀ kì í ṣe ohun tí yóò pinnu ìyè tàbí ikú. Oògùn tí ó ń pa kòkòrò àìsàn ni ó ń ṣe ìyẹn. Iṣẹ́ parasitámọ́ọ̀lù ni pé kí orí fífọ́ rọlẹ̀, kí ara ríro dínkù, kí ọmọ lè mumi, kí ó sì lè sùn.

Nítorí náà, bí ọmọ bá gbóná tí ó sì ń ṣeré, tí ó ń mu omi, tí ó ń bèèrè oúnjẹ, kò sí ọ̀ranyàn pé kí a fún un ní oògùn tí ń rẹ ooru sílẹ̀. Bí ó bá ń ké, tí kò rí oorun sùn, tàbí tí tẹ̀mómítà abẹ́ abíyá bá fi hàn pé ó ti kọjá 38.5, kí a fún un. Ìwọ̀n rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣíbí ìbùkà lásán. Mílígíráàmù 15 ni fún kílò kọ̀ọ̀kan tí ọmọ bá wọ̀n. Ọmọ tí mo ń sọ ìtàn rẹ̀ yìí wọ̀n kílò 12. 12 lọ́nà 15 jẹ́ 180. Omi parasitámọ́ọ̀lù tí ó wà nílé wọn ní mílígíráàmù 120 nínú mílílítà 5, nítorí náà mílílítà 7 àti ààbọ̀ ni ó tọ́ sí i, wákàtí mẹ́fà síra wọn, kò sì gbọdọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ láàárín ọ̀sán àti òru kan. Ẹni tí ó bá ń fún ọmọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí ó fi oògùn ọ̀fìnkìn tí parasitámọ́ọ̀lù wà nínú rẹ̀ kún un láìmọ̀, ẹ̀dọ̀ ọmọ ni ó ń bà jẹ́. Ásípíríìnì kì í sì í ṣe oògùn ibà ọmọdé, nítorí pé ó lè fa àìsàn kan tí ó ń kọ lu ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ wọn.

Mo mọ ohun tí ọ̀pọ̀ ìyá yóò sọ. Wọ́n yóò ní, "Ọ̀gá, ẹ̀rù gìrì ni ó ń bà wá." Òótọ́ ni. Ẹ̀rù gìrì ni ó wà nídìí omi tútù, òun ni ó wà nídìí àgbo tí a ń rọ sí ọmọ lẹ́nu, òun náà ni ó sì wà nídìí ohun tí mo rí ní òru ọjọ́ yẹn.

Nígbà tí mo wọlé, ojú ọmọ ti yí sókè, eyín rẹ̀ ti pa dé, apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ń já. Ìyá àgbà ń kígbe pé, "Ẹ gbà mí o! Ẹ bá mi mú ṣíbí wá, kí ó má gé ahọ́n rẹ̀ jẹ!" Bàbá kan ní kí a gbé ẹsẹ̀ ọmọ sí ẹ̀bá iná. Ẹnì kan ti sáré lọ wá àgbo tí a fi ìtọ̀ màlúù àti ewé tábà ṣe. Ọpẹ́lọpẹ́ màmá kan tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tí ó ń gbé nínú ọgbà kan náà. Ó kúnlẹ̀ ti ọmọ, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ má ki nǹkan kan bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹ fún un ní afẹ́fẹ́." Ó fi ẹ̀gbẹ́ ọmọ lélẹ̀ lórí ẹní kí itọ́ lè máa dà síta, ó tú ọrùn aṣọ rẹ̀, kò sì di apá tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Lẹ́yìn náà ni ó yíjú sí ìyá ọmọ, ó ní, "Ìyàwó, wo aago, kí o máa ka ìṣẹ́jú sí mi létí."

Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni ó gbà. A rò pé wákàtí kan ni. Gìrì náà dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀, ọmọ sùn díẹ̀, ó jí, ó sunkún, ó sì na ọwọ́ sí ìyá rẹ̀. Màmá nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ ṣeun Ọlọ́run. Ó mọ ìyá rẹ̀." Tẹ̀mómítà abẹ́ abíyá fi 39.4 hàn. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni a ti gbé e dé ilé ìwòsàn. Wọ́n tẹ ọrùn rẹ̀ wò bóyá ó le; kò le. Wọ́n wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì wò bóyá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti gbẹ, méjèèjì dára. Wọ́n gún un níka, àyẹ̀wò sì fi hàn pé màláríà ni. Wọ́n dá a dúró títí di ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n lè rí i bóyá gìrì yóò tún gbé e. Nígbà tí kò gbé e mọ́, wọ́n fún un ní oògùn màláríà alápapọ̀ ti ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Ní ọjọ́ kẹta, ó ti ń lé adìẹ kiri àgbàlá.

Ẹ jẹ́ kí a fa ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ yọ. Gìrì tí ibà ń fà a máa bá ọmọ méjì sí márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í pé ìṣẹ́jú márùn-ún, kì í ba ọpọlọ jẹ́, kì í sì í ṣe wárápá. Ọmọ kan nínú mẹ́ta lára àwọn tí ó bá gbé lẹ́ẹ̀kan ni ó tún lè gbé lọ́jọ́ mìíràn. Ohun tí yóò ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu ni pé parasitámọ́ọ̀lù àti omi kì í dènà rẹ̀. A ti fi àyẹ̀wò ṣe é léraléra. Nígbà mìíràn, bí ooru ti ń gòkè ni gìrì ń dé, kí ará ilé tó mọ̀ pé ara ọmọ gbóná rárá. Nítorí náà, ìyá tí gìrì gbé ọmọ rẹ̀ kò jẹ̀bi pé òun kò tètè wẹ̀ ẹ́.

Ohun tí ó ń pa ọmọ nínú gìrì, lọ́pọ̀ ìgbà, ọwọ́ wa ni ó ti ń wá. Ṣíbí a máa ká eyín, a sì máa dí ọ̀nà èémí. Ahọ́n tí a sì ní a ń dáàbò bò, bí ó bá tilẹ̀ bọ́ sáàárín eyín, a máa jinná. Iná jó ẹsẹ̀ ọmọ títí tí àwọn kan fi di arọ. Ní ti àgbo ìtọ̀ màlúù, àwọn oníwádìí ìṣègùn ní Nàìjíríà ti fi hàn láti bí ogójì ọdún sẹ́yìn pé ó ń rẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ gan-an, ó sì ń mú kí èémí ọmọ falẹ̀. Ọmọ tí ó bá mu ún lè má jí, ṣúgà tí ó sì lọ sílẹ̀ yẹn gan-an lè mú gìrì mìíràn wá. Olùkọ́ èdè àti àṣà ni mí. Mo mọ iyì ewé àti egbò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ràn àṣà ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ yọ ẹ̀gún inú rẹ̀.

Nígbà wo wá ni ibà di ewu? Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láìfi bọ́. Àkọ́kọ́ ni ọjọ́ orí. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta, tí ara rẹ̀ bá ti dé 38, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ ní wákàtí náà. Kò sí àgbo, kò sí ìdúró di òwúrọ̀. Kódà, àìsàn ńlá lè wà lára ọmọ tuntun tàbí arúgbó láìsí ooru rárá; ara tí ó tutù jù, pẹ̀lú àìlè mu ọmú tàbí oúnjẹ, ibà ni lọ́nà tirẹ̀. Èkejì ni irú ara tí ibà bá: aláìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, aláboyún, ọmọ tí oúnjẹ kò tó lára rẹ̀, ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò dára tàbí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti gbẹ. Àwọn wọ̀nyí kò ní agbára tí a fi ń san owó ooru tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Kí wọ́n tètè rí dókítà.

Ẹ̀kẹta, tí ó ju gbogbo rẹ̀ lọ, ni ìwà aláìsàn fúnra rẹ̀. Bí ọmọ kò bá lè mumi tàbí mu ọmú, bí ó bá ń bì gbogbo ohun tí ó jẹ, bí ó bá ń sùn tí a kò lè jí i dáadáa, bí kò bá mọ ìyá rẹ̀ mọ́. Bí èémí rẹ̀ bá ń yára tí igbá àyà rẹ̀ sì ń fà wọnú. Bí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bá funfun tàbí tí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú. Bí ọrùn rẹ̀ bá le, èyí tí ó lè jẹ́ àmì yírùnyírùn. Bí gìrì bá ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ tàbí tí ó tún padà wá ní ọjọ́ kan náà, ewu ti dé. Kò sí èyí tí a kà yìí tí tẹ̀mómítà lè fi hàn. Ọmọ tí ó wà ní 39.5 tí ó ń ṣeré lè sàn ju èyí tí ó wà ní 38 tí ó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Bí parasitámọ́ọ̀lù bá sì mú ooru rọlẹ̀, èyí kò fi hàn pé àìsàn ti lọ. Ooru màláríà àti ti yírùnyírùn náà a máa rọlẹ̀ fún wákàtí díẹ̀. Nítorí náà, bí ibà bá wọ ọjọ́ kejì ní ilẹ̀ wa, kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Bí oògùn màláríà kò bá sì ṣiṣẹ́, ẹ má ṣe ra òmíràn ní ìsọ̀ oògùn, nítorí pé ó lè jẹ́ taifọ́ọ̀dù tàbí ibà Lásà tí ó ń jà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó lọ́dọọdún.

Ẹ̀kẹrin ni ìwọ̀n ooru fúnra rẹ̀. Baálé inú ọpọlọ ní gbèdéke. Ibà àìsàn lásán kì í sábà kọjá 41, bí ó bá sì kọjá rẹ̀, ilé ìwòsàn ni. Ṣùgbọ́n irú ooru kan wà tí kì í ṣe ibà. Ọmọ tí a tì mọ́nú ọkọ̀ nínú oòrùn, tàbí arìnrìn-àjò tí ooru aṣálẹ̀ bò mọ́lẹ̀, baálé rẹ̀ kò yí àṣẹ padà. 37 ni ó ṣì ń béèrè, ooru ìta ni ó borí rẹ̀. Ẹ rántí ìrìn-àjò Mẹ́kà ti ọdún 2024, nígbà tí ooru kọjá 50 tí àwọn tí ó ju 1,300 lọ sì kú. Parasitámọ́ọ̀lù kò wúlò níbẹ̀ rárá, nítorí pé kò sí àṣẹ tí yóò yí padà. Ibẹ̀ gan-an ni omi tútù ti di oògùn: kí a da á lé e lórí àti ara, kí a máa fẹ́ ẹ, kí a sì sáré lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ ò rí i pé ọgbọ́n kan náà tí ó jẹ́ àṣìṣe nínú ibà ni ó ń gba ẹ̀mí là nínú ooru oòrùn. Ìdí ọ̀rọ̀ ni a gbọ́dọ̀ mọ̀.

Bí a bá dé ilé ẹni tí ibà mú, ìbéèrè tí gbogbo wa máa ń kọ́kọ́ bi ìyá ọmọ ni pé, "Ṣé ara rẹ̀ ti tutù?" Ohun tí mo ń bẹ̀ yín, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ óò di òbí lọ́la, ni pé kí a pààrọ̀ ìbéèrè yẹn. Ẹ jẹ́ kí a máa béèrè pé, "Ṣé ó ń mumi? Ṣé ó ń tọ̀? Ṣé ó mọ̀ yín? Ṣé ẹ ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò?" Ìyá àgbà ilé kejì ti kọ́ ọ. Nígbà tí ibà tún mú ọmọ náà ní oṣù méjì lẹ́yìn náà, òun ni ó gba ọpọ́n omi lọ́wọ́ ìyá ọmọ, ó bu omi mímu sínú ife, ó sì gbé e sí ọmọ lẹ́nu.